Kánńbó tí kò sùn: bí mo ṣe ń fi àlọ́ àti òwe kọ́ ọmọ ní àfiwé

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún mi ti sú mi. Wọ́n mọ ìdáhùn àlọ́ àpamọ̀, wọ́n mọ ìtumọ̀ òwe lórí, ṣùgbọ́n bí mo bá fún wọn ní èyí tí wọn kò gbọ́ rí, tàbí tí mo ní kí wọ́n tọ́ka sí àfiwé inú rẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta gbáko ni irú èyí fi bá mi fínra kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti ń wá. Bí mo bá pa àlọ́, tí ọmọ kan bá ti tú u, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, ó di òmíràn. Àlọ́ mẹ́wàá, méjìlá, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Inú wọn ń dùn, inú èmi náà ń dùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kó lọ sílé kò ju orúkọ nǹkan mẹ́wàá lọ. Ibi tí àfiwé wà gan-an, ìyẹn àárín ìbéèrè sí ìdáhùn, a kì í dúró níbẹ̀ rárá.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin ló là mí lójú. Mo ní, “Gbogbo ilé sùn, Kánńbó kò sùn.” Imú ni ìdáhùn tí èmi mọ̀ láti kékeré. Ọmọ náà ní, “Ọkàn ni.” Mo ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, kò tún la ẹnu títí a fi jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá rò ó wò. Bí ènìyàn bá sùn, ṣé ọkàn rẹ̀ kò ṣì ń lù ni? Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àlọ́ náà tí ìdáhùn ọmọ yìí kò bá mu. Èmi ni mo gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì tún àlọ́ náà pa. Ẹlòmíràn wá ní, “Aago ara ògiri ńkọ́?” Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó: imú, ọkàn, aago. Mo wá bi wọ́n pé, “Bó bá jẹ́ imú ni, kí ni ilé?” Wọ́n ní ara ni. “Bó bá jẹ́ ọkàn ńkọ́?” Ara náà ni. “Bó bá wá jẹ́ aago?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ọmọ kan wá ní, “Tìẹn, ilé gidi ni, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló sùn.” Ní ìṣẹ́jú yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Ọmọ yẹn ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lè dúró sórí nǹkan tirẹ̀, ó sì lè ṣí lọ sórí nǹkan mìíràn. Ohun tí à ń pè ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, n kò sì tíì dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Láti ìgbà náà, àlọ́ méjì péré ni mo ń pa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìdáhùn kì í sì í ṣe òpin iṣẹ́ mọ́. Òfin wa ni pé ìdáhùn yòówù tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àlọ́ bá bá mu, a ó gbà á. Ẹni tó mú un wá ni yóò dìde fi hàn wá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣí kúrò lórí nǹkan tirẹ̀ àti èyí tí kò ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ dáadáa. “Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́.” Ahọ́n ni, gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Mo máa ń fa ìlà méjì sójú pátákó kí ó lè di ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, a ó kọ ohun tí a gbọ́: awẹ́ obì. Ní ọ̀nà kejì, ohun tó fara pamọ́: ahọ́n. Ọ̀nà kẹta ni ohun tó so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ń fi àkókò ṣòfò tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọmọ á ní ó pupa, ó kéré, ẹnu ni ó ń wà, a máa ń yí i kiri nínú ẹnu. Lẹ́yìn náà mo máa ń bi wọ́n pé, “Níbo ni wọn kò ti jọra?” Obì máa ń tán, ahọ́n kì í tán. Ẹ wò ó, “à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́” gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀! Awẹ́ kan ṣoṣo kò lè bá ènìyàn rin ìrìn tó jìnnà tó yẹn láìtán. Torí náà àlọ́ ní apá méjì: apá kan ń ya àwòrán tí yóò fà wá lọ síbi nǹkan náà, apá kejì ń sọ ohun tí kò ṣeé ṣe, kí a lè mọ̀ pé obì gidi kọ́ là ń sọ. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé kí òun wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti takora, kò ní dákẹ́ mọ́ bí ẹ bá pa àlọ́ tí kò gbọ́ rí.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ọnà èdè máa ń dé, a ó sì fi àlọ́ kan náà ṣe gbogbo rẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ Kánńbó. “Imú dà bí ẹni tí kò sùn nígbà tí gbogbo ilé ti sùn”: àfiwé tààrà nìyẹn, “bí” wà níbẹ̀, gbogbo wa ń rí i. Mo ní kí wọ́n yọ “dà bí” kúrò, kí wọ́n sọ pé ọ̀kan ni èkejì. Ọmọ kan kọ ọ́ báyìí: “Imú ni ọdẹ tí ń ṣọ́ ara lóru.” Ó ti di àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ẹ wá pa imú mọ́, ẹ fi orúkọ ènìyàn rọ́pò rẹ̀, ó di àlọ́. Bí a ti fún imú ní orúkọ, tí a sì ní ó kọ̀ láti sùn bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé, ìfohunpènìyàn náà ti wọlé. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń dàrú láàárín àfiwé tààrà àti ẹlẹ́lọ̀ọ́ láti kíláàsì kẹrin kì í sábà dàrú mọ́ lẹ́yìn èyí, nítorí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yí ọ̀kan sí èkejì.

Kí a tó kan òwe, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe àlọ́ tiwọn. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àlọ́. “Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, a fi ń kọ̀wé.” Àpèjúwe pẹ́ńsù lásán ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó kúrò lórí nǹkan tirẹ̀. Mo kì í ní kò dára, mo kàn máa ń bi ọmọ náà pé, “Bí pẹ́ńsù bá jẹ́ ènìyàn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i tó yani lẹ́nu?” Ọmọ tó kọ tiẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn padà wá pẹ̀lú èyí: “Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò lẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀, bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń kúrú.” Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Òwe le ju àlọ́ lọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ìdí rẹ̀ sì hàn. Nínú àlọ́, nǹkan kan tí a lè dárúkọ ló fara pamọ́. Nínú òwe, ohun tó fara pamọ́ kò sí nínú òwe rárá, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tí a torí rẹ̀ pa òwe náà ni. Bí ẹ bá kàn kọ òwe sójú pátákó tí ẹ ní “kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”, ẹ ti yọ ìdajì rẹ̀ kúrò. Ohun tí ó kù fún ọmọ kò ju kí ó há ìtumọ̀ sórí lọ.

Mo máa ń fi “Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́” ṣe afárá, nítorí nǹkan méjèèjì hàn gbangba nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ẹyin. Ọ̀nà mẹ́ta orí pátákó gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń mú èyí tó fi ọ̀kan pamọ́ wá: “Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.” Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ọmọ kan ní ó túmọ̀ sí pé kí a má fi ọ̀bẹ ṣeré. Ẹlòmíràn sọ ìtumọ̀ tó pé, bí ó ti wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé ta ni ọ̀bẹ, kò mọ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì dé ibẹ̀, ti ẹnìkejì sì ṣòro láti rí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí máàkì ni yóò gbà nínú ìdánwò. Ohun kan tún wà tí mo gbójú fò: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ èkù. Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí a ti ń di ọ̀bẹ mú hàn wọ́n, kí ẹ sọ pé òun là ń pè ní èkù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìmọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ ń dán wò, kì í ṣe àfiwé.

Báyìí, ìtàn ló ń ṣáájú. Mo máa ń sọ pé: ọmọbìnrin kan wà tó máa ń di irun fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, dídì náà a máa dùn ún wò. Nígbà tó kan tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ìpàkọ́, ó ní láti bẹ ẹlòmíràn. Ta ni ọ̀bẹ? Kí ni mímú rẹ̀? Kí ni èkù? Wọ́n dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìpẹ́. Mo wá sọ ìtàn kejì tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí òwe náà kò bá mu: ọmọkùnrin kan mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ̀lẹ, kò fẹ́ gbá a. Àwọn kan ní òwe náà bá a mu. A jọ padà sórí pátákó, wọ́n rí i pé kò sí èkù nínú ìtàn yìí: kò sí ohun tí kò lè ṣe fún ara rẹ̀, kò kàn fẹ́ ṣe é ni. Ìtàn tí kò bá a mu yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ má fò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún òwe tí kò ní àwòrán nínú o. “Ọgbọ́n ju agbára lọ” jẹ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n níbẹ̀ ọgbọ́n náà ni, agbára sì ni agbára. Bí ẹ bá ní kí ọmọ wá àfiwé nínú rẹ̀, yóò parọ́ fún yín kí inú yín lè dùn.

Fún ìdánwò ìparí tọ́ọ̀mù, mo ti pa “Parí òwe yìí” tì. Ohun tí mo ń fún wọn ni ìtàn ìlà mẹ́rin àti òwe mẹ́ta tí a kọ jáde lódindi. Kí wọ́n mú èyí tó bá ìtàn mu, máàkì kan. Kí wọ́n sọ ohun méjì nínú òwe àti ohun tí wọ́n dúró fún nínú ìtàn, máàkì mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, àlọ́ kan tí wọn kò gbọ́ rí, tí èmi fúnra mi ṣe, pẹ̀lú ìlà kan lábẹ́ rẹ̀: “Kọ ìdáhùn rẹ, kí o sì sọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe bá a mu.” Bí ẹ bá ń máàkì èyí, ẹ fi ìdáhùn tiyín sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ ka ohun tí ọmọ náà kọ.