Èsì: Ìdánwò onígun mẹ́ta, 14 nínú 30

"Ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn 30 tọ́ ògì àtijọ́ àti tuntun wò nínú ìdánwò onígun mẹ́ta. 14 mú èyí tó yàtọ̀. Kí ló dé tí ìwé fi ní kò sí ẹ̀rí ìyàtọ̀ ní 5%?"

Ìwé yẹn tọ̀nà. Ife mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan: méjì jọra, ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ kankan ṣì lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà, 10 nínú 30 kò fi nǹkan kan hàn. 14 ju 10 lọ lóòótọ́, àmọ́ irú àlékún bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé láìsí ìdí kankan. Fún ènìyàn 30 ní 5%, tábìlì ìdánwò onígun mẹ́ta béèrè pé kí ó kéré tán 15 mú èyí tó yàtọ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: ẹ má ṣe mú ìdáhùn tó sọ pé ògì méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀rí ni kò tó. Ìyẹn kò sọ pé ìyàtọ̀ kò sí.

Bí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e bá wá ní kí ẹ sọ èyí táwọn èèyàn fẹ́ràn jù, ìdánwò yìí kò lè dá a lóhùn. Òṣùwọ̀n ìfẹ́ràn alámì 9 ni tirẹ̀, àwọn tó ń mu ògì nílé ni wọ́n sì ń bi. Ẹ má lo àwọn atọ́wò tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ fún un, torí wọ́n ti kọ́ wọn láti máa tú adùn palẹ̀, ahọ́n wọn kì í ṣe ti oníbàárà mọ́.