Owó tó tètè padà kọ́ ni owó tó lérè jù

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ní péébáàkì ni ká máa fi yan ẹ̀rọ tá a máa rà, pé èyí tó bá tètè dá owó rẹ̀ padà ni ká mú. Ẹlòmíì ní ká kọ́kọ́ dísíkáùǹtì owó náà, ìyẹn ká sọ owó ọ̀la di iye tó jẹ́ lónìí, pé ìyẹn ló péye. Ṣé tá a bá ti dísíkáùǹtì rẹ̀, ó ti tó láti gbára lé?

Rárá o, kò tó. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń yan ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ jókòó, òfin tí ọ̀gá yín sọ yìí gan-an ni wọ́n sì ń lò níbi tí mo wà. Mo rí ẹ̀rọ tó dáa tí wọ́n dá padà, mo sì rí èyí tó jẹ owó wọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà pa pọ̀, ẹ ó rí ibi tó ti ń ṣini lọ́nà.

Ká ní ẹ̀rọ méjì wà níwájú yín, 1,000 ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kìíní máa mú 500 wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, 400 lọ́dún kejì, 200 lọ́dún kẹta, lẹ́yìn náà kò ní wúlò mọ́. Ẹ̀rọ kejì máa mú 250 wọlé lọ́dọọdún fún ọdún 8. Tí ọdún kejì bá fi máa parí, ẹ̀rọ kìíní ti dá 900 padà, 100 ló kù, ìdajì ọdún kẹta sì máa parí ìyẹn. Péébáàkì rẹ̀ jẹ́ ọdún 2.5. Ti ẹ̀rọ kejì jẹ́ ọdún 4. Òfin ọ̀gá yín máa mú ẹ̀rọ kìíní, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kejì.

Ní báyìí, ká ní owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ yìí ń gba èlé 10 nínú 100 lọ́dún, yálà ẹ yá a ni o, tàbí ibòmíì tẹ́ ẹ lè fi í sí ló máa san iye yẹn. Ohun tí dísíkáùǹtì ń ṣe kò ju kó sọ iye tí owó ọ̀la jẹ́ lónìí. Ẹ máa pín owó ọdún àkọ́kọ́ sí 1.1, ti ọdún kejì sí 1.21, ti ọdún kẹta sí 1.331. Ti ẹ̀rọ kìíní á wá di 454.5, 330.6 àti 150.3. Ẹ ro ó pọ̀, 935.4 ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó tètè dá owó padà kò dá a padà rárá láyé rẹ̀. Ti ẹ̀rọ kejì, owó rẹ̀ pé lẹ́yìn bí ọdún 5.4, nígbà tí ọdún 8 bá sì fi máa pé, iye tòní gbogbo owó tó mú wọlé jẹ́ bíi 1,334. Èrè rẹ̀ lórí èlé yẹn lé ní 330.

Títí débí, dísíkáùǹtì ti ràn wá lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dúró síbẹ̀. Àmọ́ àìsàn tó wà lára péébáàkì lásán ṣì wà lára èyí tá a dísíkáùǹtì: gbàrà tí owó bá ti pé, ó dẹ́kun kíkà. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ èrè ì báà jẹ́ gbèsè, kò kàn án.

Ibi tí mo ti rí i tó dunni jù nìyí. Ká ní ẹ̀rọ kẹta wà, 1,000 náà ni, ó ń mú 450 wọlé lọ́dọọdún fún ọdún 3. Àmọ́ lọ́dún kẹrin, ẹ gbọ́dọ̀ tú u kúrò, kẹ́ ẹ kó ìdọ̀tí tó fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, ìyẹn máa ná yín ní 500. Tẹ́ ẹ bá dísíkáùǹtì rẹ̀, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 409.1, 371.9 àti 338.1, owó yín sì pé ní nǹkan bí ọdún 2.65. Lórí ìwé, ó ta ẹ̀rọ kejì yọ dáadáa. Ẹ wá ka ọdún kẹrin mọ́ ọn: 500 yẹn jẹ́ 341.5 lónìí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ àdánù tó lé ní 222. Àwọn kan máa ń sọ pé èyí tó bá ti dá owó padà lẹ́yìn dísíkáùǹtì, kò lè pa èèyàn lówó. Òótọ́ ni, kìkì tí kò bá sí ìnáwó ńlá tó ń dúró dè yín lẹ́yìn ọjọ́ náà. Níbi ìwakùsà, níbi kànga epo, níbi ilẹ̀ ìdalẹ̀nù, níbi ẹ̀rọ tó nílò àtúnṣe ńlá láàárín ọjọ́ ayé rẹ̀, ìnáwó yẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú fò, torí òun ni mo fi ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́. Ká ní òfin ni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dá owó padà láàárín ọdún 3. Ẹ̀rọ tó máa lo ọdún 3 péré, tó sì dá owó padà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, yege, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò jèrè kọ́bọ̀. Àmọ́ kí ẹ̀rọ tó ń mú iye kan náà wọlé lọ́dọọdún fún ọdún 8 tó lè yege, ó gbọ́dọ̀ máa mú èrè wá bí ẹni pé ẹ fowó síbi tó ń san èlé bíi 29 nínú 100 lọ́dún. Ẹ̀rọ kejì wa ń mú bíi 18.6 wá, owó yín sì ń gba 10 péré, síbẹ̀ òfin náà máa lé e dànù. Ẹni tó kọ “ọdún 3” sínú òfin rò pé ìdiwọ̀n kan ṣoṣo lòun fi lélẹ̀. Ìdiwọ̀n náà ń yí padà bí ọjọ́ ayé ẹ̀rọ bá ṣe gùn sí, ẹ̀rọ tó pẹ́ láyé ló sì ń fìyà jẹ jù.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ ju péébáàkì nù. Tí gbèsè kan bá máa tó san lọ́dún méjì tí kò sí owó míì lọ́wọ́, tàbí tó bá ṣeé ṣe kí ọjà tí ẹ̀rọ náà ń ṣe má ní oníbàárà mọ́ láìpẹ́, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí owó yín ṣe máa pẹ́ tó níta. Ìbéèrè tó ń dáhùn nìyẹn. Kò dáhùn èyí tó bá jẹ́ pé, “Èló la máa jèrè?”

Fún ìyẹn, ẹ fi Excel ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ owó tẹ́ ẹ fi rà á sí B1 pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ti ọdọọdún sísàlẹ̀ rẹ̀ láti B2 títí dé ọdún tó kẹ́yìn, àti ìnáwó ìtúkúrò náà, kí àmì àyọkúrò wà níwájú òun náà. Fún ẹ̀rọ kẹta wa:

```
=B1+NPV(10%,B2:B5)
```

Ẹ má fi B1 sínú àkámọ́ náà o, torí `NPV`, tó ń ro iye tòní owó ọdọọdún pọ̀, gbà pé owó tó ṣáájú nínú rẹ̀ wọlé ní ìparí ọdún àkọ́kọ́, owó tẹ́ ẹ sì fi ra ẹ̀rọ ti jáde lónìí. Tí èsì rẹ̀ bá ju òdo lọ, ẹ̀rọ náà lérè. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ bá ọ̀gá yín, ẹ kọ péébáàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ iye ọdún tí ẹ̀rọ náà máa lò sí ìlà kan náà, kó lè rí ohun tí òfin ọdún 3 yẹn ń gé kúrò.