Táǹkì ló ń bo ibi tí omi ti ń jò mọ́lẹ̀: bí a ṣe ń fi mítà wá a rí

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi nìkan ló ń gbé ilé wa nílé, èmi ni mò ń san owó omi láti òkèèrè. Ó di oṣù mẹ́ta tí bíìlì ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ibi kankan tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Táǹkì wà lókè, mítà wà lẹ́nu géètì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá omi ń jò?"

Ẹ má tíì pe púlọ́ńbà. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan ya fọ́tò ojú mítà ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ fi nọ́ńbà orí rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sórí bíìlì tó dé kẹ́yìn. Bí ti bíìlì bá ju ti mítà lọ, ẹni tó kọ ọ́ kò wo mítà, ó kàn fojú bù ú ni. Nígbà náà, ọ́fíìsì tó ń gba owó omi lẹ máa kọ̀wé sí, kì í ṣe páìpù lẹ máa tú. Bí ti mítà bá fi díẹ̀ ju ti bíìlì lọ, tó sì bá iye ọjọ́ tó ti kọjá mu, a jẹ́ pé omi ti gba ibẹ̀ kọjá lóòótọ́.

Lójú ọ̀pọ̀ mítà, nọ́ńbà dúdú ló ń ka m³, 1,000 lítà sì ni m³ kan. Àwọn nọ́ńbà pupa tó tẹ̀ lé e ló ń ka lítà, àwọn gan-an la sì nílò, torí omi tó ń jò díẹ̀díẹ̀ kì í tètè yí èyí tó dúdú. Kí ẹni tó máa ya fọ́tò rí i dájú pé àwọn pupa náà hàn.

Ìdánwò tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé kí a ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí a wá wò ó bóyá mítà ṣì ń yí. Nínú ilé tí omi ti ń kọ́kọ́ wọ táǹkì kó tó wọlé, ìdánwò yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Bí táǹkì kò bá tíì kún, mítà á máa sáré, ẹ ó rò pé páìpù ti bẹ́ nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ táǹkì ló ń mumi. Bó bá sì ti kún, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á ti ẹnu páìpù pa. Omi lè máa jò nínú ilé fún wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù náà tó sọ̀ kalẹ̀ débi tó máa ṣí, mítà á sì dúró sójú kan bíi pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí a pín ilé sí méjì níbi táǹkì, kí a sì dán ọ̀nà méjèèjì wò lóru kan náà.

Kí wọ́n jẹ́ kí táǹkì kún lálẹ́. Kí Mọ́mì pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n máa lò títí ilẹ̀ á fi mọ́, kódà láti fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ẹ̀rọ kankan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ti fáàfù tó wà lórí páìpù tó ń gbé omi wọ táǹkì. Bí kò bá sí fáàfù níbẹ̀, kí wọ́n fi okùn so apá bọ́ọ̀lù náà sókè pinpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì gun àkàbà. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tí ara rẹ̀ le, kí ẹnì kejì sì di àkàbà náà mú. Kó fi ọ̀pá gbọọrọ tó mọ́ wọn ìjìn omi inú táǹkì, kó sàmì sí i, kó sì ya fọ́tò mítà. Láàárọ̀, kó tún ṣe méjèèjì. Ẹ rí i dájú pé omi ń wá láti ìta lóru ọjọ́ náà o, torí bí omi bá lọ, mítà kò ní yí bí páìpù tilẹ̀ là sí méjì. Bó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ní sùúrù, atẹ́gùn inú páìpù máa ń yí mítà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nílé bàbá mi. Bíìlì wọn gòkè láti 11 m³ sí nǹkan bí 20 lóṣù. Púlọ́ńbà kan ti fẹ́ hú gbogbo àgbàlá. Lóru àkọ́kọ́, a kò tíì ti fáàfù táǹkì, àbúrò mi kàn ya fọ́tò mítà ni: 412.386 ní aago mẹ́wàá alẹ́, 412.482 ní aago mẹ́fà àárọ̀, kò sì sí ẹni tó lo omi. Ìyẹn 96 lítà láàárín wákàtí mẹ́jọ, lítà 12 ní wákàtí kan. Lóṣù ọlọ́jọ́ 30, ó ti lé ní 8.6 m³, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tó fi lé sórí bíìlì. Lóru kejì a ti fáàfù. Mítà kò kúrò lójú kan, àní nọ́ńbà pupa tó gbẹ̀yìn kò yí. Ṣùgbọ́n omi táǹkì fi sẹ̀ǹtímítà 8.5 lọ sílẹ̀. Táǹkì náà rí roboto, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 96 lítà náà ni. Èyí ló jẹ́ kí n sọ fún bàbá mi pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì kan àgbàlá wọn: inú ilé ni omi ti ń jò.

Lóru kẹta, a ti fáàfù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn, ojú omi táǹkì kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, àbúrò mi ṣí i padà, ó jẹ́ kí táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ náà kún, ó kán àwọ̀ oúnjẹ sínú rẹ̀, kò sì ṣan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọ̀ náà ti wà nínú àwo. Rọ́bà tó máa ń dé ihò ìdí táǹkì náà ti lọ́. Omi ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àwo lọ sínú sọ́kàwé, kò pariwo, kò sì mú ilẹ̀ tutù. Rọ́bà kan la pààrọ̀.

Bí mítà bá yí nígbà tí fáàfù táǹkì wà ní títì, tiyín yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé fáàfù náà kò tì dáadáa. Ẹ fetí sí ẹnu páìpù inú táǹkì, bóyá omi ṣì ń kán níbẹ̀. Bó bá gbẹ, àárín mítà àti táǹkì lẹ máa wá, ẹ máa wo ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tàbí tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ ju tibòmíràn lọ. Bí mítà kò bá yí tí omi táǹkì kò sì dín, àmọ́ tí mítà ń yí lóru tí fáàfù wà ní ṣíṣí, ẹ wo páìpù tó máa ń da omi jáde bí táǹkì bá kún jù. Agbára omi máa ń pọ̀ lóru nígbà tí àwọn ará àdúgbò ti sùn, bọ́ọ̀lù tó ti gbó kì í lè dá a dúró, òwúrọ̀ á sì ti gbẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Ẹ fi nọ́ńbà mítà ti alẹ́ àti ti àárọ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú fífẹ̀ táǹkì àti iye sẹ̀ǹtímítà tí omi fi dín. Màá bá yín ṣírò rẹ̀.