Ìlà kan péré ni mo kọ sínú ìwé àṣẹ mi

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúuṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò sì lè máa lọ jókòó sí ọ́fíìsì owó orí. Ṣé mo lè rán àbúrò mi tàbí akáńtáǹtì? Kí ni màá kọ fún un?"

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ lè rán an, ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ fún un. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì àti nọ́ńbà owó orí yín, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ so fọ́tókọ́pì ìwé ìdánimọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ò le.

Ohun tó jẹ mí níyà ni iṣẹ́ tí mo kọ síbẹ̀. Mo ní kí akáńtáǹtì "bá mi gba kílíáránsì", ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé mo ti san owó orí, ó tán. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni mo tún ní kí wọ́n máa fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni ò fi ìṣirò owó tó wọlé fún mi lọ́dún ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí, ni wọ́n bá fojú díwọ̀n ọjà mi, wọ́n bù 240,000 náírà lé mi. Ohun tó yẹ kí n san ò tó 70,000! Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀. 30 ọjọ́ ni òfin fún èèyàn láti kọ̀wé ta ko irú rẹ̀, kó sì sọ ìdí, kó sọ iye tó gbà pé òun jẹ. Ó ku díẹ̀ kí 30 ọjọ́ yẹn pé kó tó gbéra. Ọkùnrin tó wà ní kàńtà ka ìwé àṣẹ mi, ó ní kílíáránsì nìkan ni mo rán an, kò láṣẹ láti jiyàn. Ó dá a padà. Kò sẹ́ni tó pè mí! Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ni mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fa àpòòwé tí epo àkàrà ti kàn yọ: "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà yín kan wà lọ́wọ́ mi o." Mo sáré débẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń họ ẹ̀pà jẹ, ó ní ọjọ́ ti kọjá, owó yẹn ti di gbèsè. Gbèsè mi, kì í ṣe ti akáńtáǹtì.

Torí náà, ẹ kọ ọ́ yanjú: kó fi ìṣirò ránṣẹ́, kó gba lẹ́tà, kó ta ko iye tí wọ́n bá bù, kó gba kílíáránsì. Ọdún 3 ni kílíáránsì máa ń kó pọ̀, ẹ dárúkọ gbogbo wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí àṣẹ máa parí. Fóònù àti ímeèlì tiyín ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tó máa padà sọ́dọ̀ yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní àwọn ò rí i.

Ẹ má fún aṣojú kankan ní owó orí lọ́wọ́ o. Àkáǹtì ìjọba ni kẹ́ ẹ san án sí, kí rìsíìtì jáde lórúkọ yín. Bẹ́ ẹ bá sì gba àṣẹ yín padà lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ kọ̀wé sọ fún ọ́fíìsì. Ìjà ẹnu ò gba àṣẹ kúrò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rán báyìí. Kò mọ ìṣirò, akáńtáǹtì míì ló ń ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n kó tó kúrò ní kàńtà, á ti pè mí.