Irorẹ́ Tó Ń Ṣíwájú Nǹkan Oṣù

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ ọdún 27 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Lóṣooṣù, bí nǹkan oṣù mi bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, irorẹ́ ńláńlá á yọ sí mi ní àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì máa ro mí. Bí mo bá ṣe nǹkan oṣù tán, á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àpá dúdú rẹ̀ kì í lọ. Mo ti fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo ti fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ìyá kan po ìpara fún mi lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojú mi dán bíi dígí, lẹ́yìn náà ló wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ kò dọ̀tí, má sì ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí àgbo ìfọ̀jẹ̀ nítorí ọ̀ràn yìí. Àkókò tí irorẹ́ náà ń yọ àti ibi tó ń yọ sí ti sọ ohun tó ń fà á: họ́mónù ni.

Mú kàlẹ́ńdà rẹ. Bí a bá ka ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ sí ọjọ́ kìíní, ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá lára obìnrin tí oṣù rẹ̀ ń yí ní ọjọ́ 28. Lẹ́yìn ìyẹn, họ́mónù méjì tí a mọ̀ mọ́ obìnrin, ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítírọ́ọ̀nù, á wà lókè fún ìgbà díẹ̀. Bí oyún kò bá dúró, àwọn méjèèjì á já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìkẹta wọn, andirójìn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti ọkùnrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo obìnrin ló ní in lára, kì í já bí àwọn yòókù ṣe ń já, nítorí náà òun ló máa ń lọ́wọ́ òkè lọ́sẹ̀ náà. Òun ló ń mú kí àwọn àpò òróró kéékèèké abẹ́ awọ tú òróró jáde sí i. Òróró yìí á pò mọ́ awọ tó ti kú, á dí ihò tí irun ń gbà yọ, kòkòrò àìfojúrí tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ráyè pọ̀ sí i, ara á sì gbógun tì í, òun ni o ń rí tó wú, tó sì ń ro ọ́. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tí èyí ń ṣe wò, andirójìn wọn kò pọ̀ jù rárá. Awọ wọn ló ń tètè jẹ́ ìpè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: ọ̀sẹ̀ tí irorẹ́ bá yọ ni wọ́n ń wá oògùn, nígbà tí ihò awọ ti ń dí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Nítorí náà, gbogbo oṣù ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, àní ní àwọn ọjọ́ tí ojú bá mọ́ pàápàá, a sì ń fi oògùn sí gbogbo àgbègbè tó ń yọ sí, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan.

Kí n tó sọ oògùn, ọ̀rọ̀ ìpara ọjà yẹn. Ojú tó dán bíi dígí lọ́sẹ̀ méjì, tó wá burú lẹ́yìn rẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì ni mo fura sí, pàápàá kìlóbẹtasóòlù, tí wọ́n máa ń pò mọ́ irú ìpara bẹ́ẹ̀. Ó ń pa wíwú àti pípọ́n kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń mú awọ fẹ́lẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń fa irorẹ́: wo iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ dáadáa nínú dígí, bóyá wàá rí àwọn kéékèèké tó rí bákan náà, bí ẹni pé ẹnì kan fi orí abẹ́rẹ́ tò wọ́n. Bí o bá ti lò ó fún oṣù bíi mélòó kan, fi hàn dókítà awọ kí o tó pa á tì, nítorí ojú máa ń pọ́n, ó sì máa ń ta ènìyàn bí ó bá ṣíwọ́ lójijì. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn ńkọ́? Lára awọ dúdú bíi tiwa, ohunkóhun tó bá ta awọ tàbí tó bó o ń fi àpá dúdú sílẹ̀, torí pé awọ tó bá fara gbọgbẹ́ máa ń da àwọ̀ dúdú sílẹ̀ níbẹ̀ jù bó ti yẹ lọ. Apá kan nínú àpá tí o ń sunkún lé lórí, ọwọ́ ara rẹ ló ṣe é.

Bí mo ṣe fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lówùúrọ̀, fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú, fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Fi ásíìdì asẹláíkì 15% tàbí 20% pa á, nítorí ó ń dojú kọ irorẹ́, ó sì ń mú àpá dúdú ṣá; ó lè máa yún ọ díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpara ìdáàbòbò oòrùn tí nọ́ńbà SPF ara rẹ̀ kò dín ní 30, torí oòrùn máa ń mú àpá náà dúdú sí i. Lálẹ́, fi adápálíìnì 0.1% tó tó ẹ̀wà kan péré pa gbogbo ojú nígbà tí ojú bá ti gbẹ. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o wá fi kún un bí awọ bá ti gbà á, kí o sì fi ìpara amúwọ̀tutù tẹ̀ lé e. Bí o bá ń retí oyún tàbí tí o ti lóyún, má lo adápálíìnì. Ásíìdì asẹláíkì ni kí o dúró tì.

Kì í ṣe gbogbo awọ ló fẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán fún òróró lè fi ìfọjú tó ní ásíìdì salisílíkì 2% kún un. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ tàbí tó tètè ń ta á, kí ó kọ́kọ́ fi ìpara amúwọ̀tutù pa ojú kí adápálíìnì tó dé orí rẹ̀. Bẹnsọ́ìlì pẹrọ́sáìdì dára fún èyí tó pọ́n tó sì wú, ṣùgbọ́n 2.5% ti tó. 10% kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ jù ú lọ, bíbó ojú ló fi ń jù ú lọ. Ó tún máa ń mú àwọ̀ aṣọ ṣá. Ìwọ aláṣọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ìrọ̀rí funfun ni kí o máa lò.

Jẹ́ kí ó pé oṣù mẹ́ta kí o tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó lè burú díẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí nǹkan oṣù kẹta bá dé tí àgbọ̀n rẹ ṣì ń ro ọ́, dókítà lè kọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhọ́mónù méjì fún ọ, bí o kò bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, túúlu tó ń mú kí ojú máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà tàbí ìtàn ẹ̀jẹ̀ dídì. Ó sì lè fún ọ ní sipironolákítóònù, tó ń dènà iṣẹ́ andirójìn. Oògùn yìí lè ṣèpalára fún ọmọ inú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í lọ láìsí ìfètòsọ́mọbíbí. Mo gbọ́dọ̀ bi ọ́ pẹ̀lú: ṣé o ní ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí lápá, tàbí o ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta? Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ́sítírójìn, wọ́n sì lè dá irorẹ́ sílẹ̀ lára àwọn kan.

Bí oṣù rẹ bá ń fò, tí ó ń pẹ́ ju ọjọ́ 35 lọ, tí irun líle ń hù sí àgbọ̀n rẹ tàbí tí irun orí ń fẹ́lẹ́, má dúró de oṣù kẹta. Sọ fún dókítà pé o fẹ́ kí wọ́n yẹ ilé-ẹyin rẹ àti họ́mónù rẹ wò, kí o sì mú ìwé tí o kọ ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ sí lọ́wọ́ lọ.