Kọ́sìn kò ní orúkọ kan ṣoṣo ní Yorùbá

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Kánádà ni à ń gbé, ọmọ mi obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ilé-ìwé ní kí ó ya àwòrán ẹbí rẹ̀, kí ó kọ ohun tí à ń pe oníkálukú ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ká kọ fún kọ́sìn àti ọ́ńkù? Èyí tó wá dà á láàmú jù ni pé nígbà tí a lọ sí Ìbàdàn ní Kérésìmesì, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ń pè é ní 'ọkọ mi'. Ó ní, 'Mọ́mì, ṣé ọkùnrin ni mí ni?'"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi ń gbé, Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ti fìyà jẹ mí rí.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè kọ síwájú kọ́sìn, ẹ má wá a rárá. Ohun tí òyìnbó fi ń ya ìbátan sọ́tọ̀ kọ́ ni àwa fi ń yà á. Bí òyìnbó bá ní "bùrọ́dà mi", ó ti sọ pé ọkùnrin ni, ó sì ti sọ pé òbí kan ló pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ta ni ẹ̀gbọ́n. Bí èmi bá ní "àbúrò mi", mo ti sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé ayé. N kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, n kò sì sọ bóyá ìyá mi ló bí i tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé lẹ́tà òyìnbó wá pé kí n túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì kọ "bùrọ́dà" síbẹ̀, n kò lè kọ ọ́ lọ títí n ó fi béèrè ta ló dàgbà nínú wọn. Bó bá jẹ́ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ni, ìbéèrè mìíràn ni n ó béèrè. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fi dandan béèrè ohun tí èkejì fi sílẹ̀.

Kódà àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó, a ti tún wọn tò sí ìlànà tiwa. Ta ló máa ń pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní "bọ̀ọ̀dá"? Kò sí. Bọ̀ọ̀dá gbọ́dọ̀ juni lọ. Àǹtí náà, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ìyá kan náà bí wa ni ọ̀pọ̀ wa ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu òyìnbó, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni obìnrin ni. Bí ọmọ yín bá kọ "àǹtí" sí iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ rẹ̀ á gbà pé ó ṣì í.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Amòfin ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Henry Morgan, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1871 lórí bí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ṣe ń pe ìbátan wọn. Ó rí i pé àwọn ará Háwáì ń fi orúkọ tí wọ́n ń pe òbí pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí, tí wọ́n sì ń pe ọmọ àwọn yẹn bí ẹni ń pe ọmọ ìyá ẹni. Ẹ lè sọ èyí fún olùkọ́ náà bó bá ń ṣiyèméjì.

Ìyà tí mo ní ó jẹ mí rèé. Ní 2014, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá wa ṣe ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló bí i, ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà ni a jọ sùn dàgbà ní Òkè-Àdó. Níbi tí fọ́ọ̀mù físà ti béèrè bí a ṣe tan, mo kọ bùrọ́dà. N kò parọ́, ohun tó jẹ́ sí mi nìyẹn. Òun náà kọ orúkọ òbí tó bí i sínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀, orúkọ kò bá ara mu, ni wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn kò gba ohun tí a sọ gbọ́. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí a tún un ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi: orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ kàn, èmi lábẹ́ bàbá mi, òun lábẹ́ ìyá rẹ̀. Mo pè é ní kọ́sìn, mo sì fi kún un pé ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa. Wọ́n fún un ní físà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ẹ̀gbọ́n mi" níwájú lọ́yà, mo máa ń tọrọ àyè kí n tó túmọ̀, n ó wá béèrè pé ìyá wo, bàbá wo ló bí yín? Bó bá tilẹ̀ ní "ọmọ ìyá mi ni", mo ṣì ń béèrè, torí a máa ń fi pe ẹni tó bá sún mọ́ wa.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ya àwòrán yẹn, ẹ kọ ọdún tí wọ́n bí oníkálukú sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ sì to àwọn ọmọ Ìyá àgbà láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. Ká ní àkọ́bí náà jẹ́ obìnrin, tó bí ọmọ kan tó ti pé ọdún 12, tí àbúrò ọkọ yín sì bí ọmọ ọdún kan. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ́sìn ni àwọn méjèèjì. Ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ ni èkejì, ọjọ́ ìbí tiwọn fúnra wọn la sì ń wò, kì í ṣe ti òbí wọn. Fún ọ́ńkù, ẹ jẹ́ kó kọ "àbúrò bàbá mi". Ibí yìí ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í: wọ́n á da ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá wọn kọ, wọ́n á kọ "àbúrò ọkọ mi", nígbà tó jẹ́ pé láti ẹnu ọmọ ni àwòrán náà ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi àyè kejì sílẹ̀ fún orúkọ tó ń fi pè é lójúkojú, bóyá Dádì tàbí Bàbá kékeré.

Bí ìbejì bá wà nínú ẹbí, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ́n máa ń kọ àkókò tí wọ́n bí ìbejì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹ̀rí ìbí. Lójú ìwé yẹn, Táíwò ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́, òun ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ní ti "ọkọ mi", ọmọ yín ò di ọkùnrin. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ ni ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọdé, torí wọ́n ti wà nínú ilé náà kí ó tó wọlé. Bí ọmọ yín bá ti dáyé kí wọ́n tó gbé ìyàwó yẹn wá, ó ṣáájú rẹ̀ nínú ilé nìyẹn. Ìdí rèé tí ìyàwó kì í fi í dédé pe irú wọn lórúkọ, á fún wọn ní orúkọ mìíràn, bí Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Adúmáadán. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ fún un, bí ẹ bá sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọkọ ìyàwó túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù á ba olùkọ́. Ẹ ní kó kọ ọ́ ní gbólóhùn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyàwó náà pé: "Ilé wa ló fẹ́ wọ̀, wọ́n sì ti bí mi kó tó dé."