Àkàrà Ìwáyà nínú fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù kan ní kí n kọ ọ̀rọ̀ 400 nípa ìṣòro kan tó sọ mí di irú ẹni tí mo jẹ́. Rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, Mùṣín la ń gbé, èmi ni mo sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wọn látìgbà náà. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń tọrọ bárà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ló ń jẹ́ kí ohùn alágbe wọnú irú ìwé yìí. Ẹni tó bá ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa a kúnlẹ̀, a sì ka ìyà rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ṣàánú mi, mi ò lẹ́nìkan." Alájì tàbí olóyè tí a lọ bá a wo bí ìyà náà ṣe tó, á sì ki ọwọ́ bàpò. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù kì í fi ìyẹn díwọ̀n. Iye tó ń wọlé nílé yín, ibòmíì nínú fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ti máa ń béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 400 yìí, ìwọ fúnra rẹ ni wọ́n fẹ́ fi rí: nígbà tí nǹkan le, kí lo ṣàkíyèsí, kí lo pinnu, kí lo fọwọ́ ara rẹ ṣe?

Jẹ́ kí n fi tèmi hàn ọ́, torí owó ìwé náà ni mo fi ka ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àárín rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí:

"Ní 27 Oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n kéde pé ọ̀kadà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ ní àdúgbò wa láti 1 Oṣù Kejì. Ọ̀kadà ni bàbá mi ń gùn láàárín Yábà àti Ìwáyà, òun la sì fi ń san owó ilé ìwé. Wọ́n tà á, wọ́n gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Owó oṣù iṣẹ́ náà kò ju owó ilé lọ, nítorí náà, àkàrà tí ìyá mi ń dín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló wá ń bọ́ wa. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀wà lọ sí ìdí ẹ̀rọ kí n tó lọ sílé ìwé. Àkàrà ń tà, síbẹ̀ owó ẹ̀wà ọjọ́ kejì kì í pé. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ iye tí a fi ra ẹ̀wà, òróró, ata, àlùbọ́sà àti èédú, iye tí a san fún ẹni tó lọ̀ ọ́, àti iye tí a pa, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀. Ti àárọ̀ ń jèrè. Ti ìrọ̀lẹ́ ń jẹ èrè náà. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń lọ gbogbo ẹ̀wà náà ní ìdájí kí a má bàa sanwó ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ìyókù a sì ti ń kan kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi mọ̀ pé a ń da díẹ̀ nù. Ohun tí ìwé náà sọ fún wa ni pé èyí tí a ń dà nù ju owó ẹ̀rọ tí a ń ṣọ́ lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀ bí mo bá ti ilé ìwé dé."

Wo bí mo ṣe pín in. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò gbà ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Nínú ọ̀rọ̀ 400, bí 100 ni kí o fún ìṣòro náà fúnra rẹ̀. Bí 200 ni kí o fún ohun tí o ṣe, kó sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹni tó ń kà á á lè tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyókù ni kí o fi so ó mọ́ ohun tí o fẹ́ lọ kà. Ìwé tó bá yí èyí padà, tí ìyà gba 300 nínú rẹ̀, kò sí bí ohùn rẹ̀ ṣe le tó, ẹ̀bẹ̀ ló máa dún bí.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ níta ṣe pàtàkì bákan náà. Mi ò bá òfin ọ̀kadà jiyàn. Nínú àwọn tó ń kà á, ẹnìkan lè gbà pé òfin náà dára, ẹnìkejì lè kórìíra rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa ronú nípa òfin dípò èmi. Mi ò fi kónílé-ó-gbélé sí i pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 30 Oṣù Kẹta ọdún kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ìdánwò Wáẹ̀kì wa sì sún di Oṣù Kẹjọ. Gbogbo kíláàsì wa ló jọ jẹ ìyẹn, kò fi èmi hàn yàtọ̀. Ìṣòro méjì nínú ọ̀rọ̀ 400 a sì dà bí ẹni tó ń to ẹ̀rí jọ pé ayé kò fẹ́ òun. Ọ̀kan ni kí o mú.

Má rò pé mo ní kí o má sọ bó ṣe rí lára rẹ o. Mo kọ ọ́ sí apá ìkẹyìn pé ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí ẹni tó ra ọ̀kadà náà wá gbé e lọ. Gbólóhùn kan ni, òótọ́ ni, mo sì kọjá lọ. Àánú ara ẹni máa ń wọlé nígbà tí a bá tún gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kejì, tàbí tí a bá fi ẹlòmíì wé ara wa: "nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré." Bákan náà ni "Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ojú mi rí." Lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ ilé wa. Lórí ìwé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ rí gan-an ni kí o kọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ọ̀nà kejì wà tí irú ìwé yìí fi ń bàjẹ́, mo sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo ń bá ka tiwọn. Wọ́n á sá fún ẹkún, wọ́n á wá kó sínú ìyangàn: "Èmi ni mo gba ẹbí mi là." Bàbá mi ń ṣọ́de lóru, ìyá mi ló dúró nídìí iná. Bí mo bá yọ wọ́n kúrò kí n lè dà bí akọni, irọ́ ni mo pa. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọlọ́dẹ fi wà nínú ìwé náà. Ẹni tó bá jẹ́ kí a rí iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀, a máa ń gba tirẹ̀ náà gbọ́.

Kí o tó fi ránṣẹ́, kà á fún bàbá rẹ. Ìtàn wọn ni pẹ̀lú. Nígbà tí mo ka tèmi sétí bàbá mi, wọ́n ní kí n yọ gbèsè alájọ kúrò, pé ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni níta. Mo yọ ọ́, ìwé náà kò sì pàdánù nǹkan kan.

Má ṣe bù mọ́ ọn, torí wọ́n lè pè ọ́ wá sọ̀rọ̀. Wọ́n pè mí. Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn tábìlì gbójú sókè, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kó ẹ̀wà náà sí fíríìjì?" Mo ní a kò ní fíríìjì, pé bí a bá tiẹ̀ rí ti aládùúgbò lò, iná kì í dúró títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà náà á tún kan. Wọ́n bi mí léèrè owó ẹ̀rọ, wọ́n bi mí bí ìyá mi ṣe gbà láti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ padà. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láìronú púpọ̀, nítorí pé mo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ìyà ṣe jẹ mí tó.

Ó wá ku tìrẹ. Àìsàn bàbá rẹ, gbólóhùn méjì tó: oṣù tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí wọn ò lè ṣe mọ́. Apá tí kò gbé mọ́, fún télọ̀, ìyẹn nìkan ti sọ ohun gbogbo, o kò nílò láti mú wa lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Lẹ́yìn náà, ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà fún wa. Aṣọ àwọn oníbàárà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, báwo lo ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti ta? Ìwọ̀n wọn, inú ìwé ló wà ni, àbí orí bàbá nìkan? Ta ló ń gé aṣọ báyìí? Àwọn tó ti san àsansílẹ̀ tí wọ́n wá ń béèrè owó wọn, kí lo sọ fún wọn, èwo lo dá padà, èwo lo bẹ̀ pé kó ní sùúrù? Mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, èyí tí o rí ojútùú sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ojútùú ààbọ̀, kí o sì kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìyókù kò bá tíì yanjú, sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ pé àkàrà ń bọ́ wa ṣùgbọ́n kò lè san owó yunifásítì, gbólóhùn kan péré, ibẹ̀ ni mo sì ti sọ ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Tí o bá parí rẹ̀, fún ẹnìkan tí kò mọ ilé yín kà, kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe àǹtí rẹ. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ bá jẹ́ "Ó mà ṣe o," apá ìṣòro ṣì gùn jù, gé e. Bó bá bi ọ́ bí o ṣe wá mọ aṣọ ta ni ti ta, fi í ránṣẹ́.